Fọ́ǹtì wo ló yẹ ìwé àdéhùn? Bí mo ṣe ń yàn án kí orúkọ àti owó má baà yí padà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan mú ìwé àdéhùn ilé tí mo bá a tẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ìbàdàn. Kò bínú rárá, ẹ̀rín ló ń rín. Ó nawọ́ sí orúkọ ara rẹ̀ lójú-ìwé kìíní, ó ní, “Bọ̀dá, ta lẹ kọ síbí yìí?” Ọ̀ àti ṣ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n fáìlì Word ni mo fi ránṣẹ́ sí i, ibòmíràn ló sì ti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Níbẹ̀, Ọ ki ju gbogbo lẹ́tà tó kù lọ, àmì ohùn orí rẹ̀ ti sún kúrò láyè rẹ̀, ó ń léfòó láàárín lẹ́tà méjì. Ibi tó yẹ kí ṣ wà, àpótí òfìfo ni mo rí.

Ìwé tí èèyàn fẹ́ fi san owó ilé ọdún kan kò gbọdọ̀ rí báyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń yan fọ́ǹtì padà. Tẹ́lẹ̀, èyí tó bá wù mí lójú ni mo máa ń mú. Ní báyìí, mo máa ń béèrè bóyá ó lè gbé orúkọ Yorùbá, nọ́ḿbà àti owó láì ṣìnà, kí ó sì rí bákan náà lọ́wọ́ onílé, ayálégbé àti lọ́yà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, yálà ìwé àdéhùn ni tàbí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Microsoft Word ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kí ẹ tó yan fọ́ǹtì, ẹ tẹ ìlà ìdánwò

Ẹ má fi “Adé lọ sí ọjà” dán fọ́ǹtì wò. Ohun tó le gan-an ni kí ẹ kọ. Ìlà mẹ́ta tí mo tọ́jú sínú fáìlì kan nìyí:

```
Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀bùn Gbẹ́nga Ọ̀ṢUN ẸGBẸ́ ỌJỌ́ Ń ǹ
I l 1    O 0    S 5    B 8    rn m
₦1,650,800.00    ₦985,000.00
```

Ẹ fi fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ ní 12 póìǹtì, kí ẹ kọ orúkọ fọ́ǹtì náà lé e lórí, kí ẹ sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń tanni jẹ, nítorí a lè mú lẹ́tà tóbi níbẹ̀ bí a bá ṣe fẹ́.

Ìlà kìíní ni èyí tó máa ń lé fọ́ǹtì púpọ̀ jáde. Ohun kan wà níbẹ̀ tó gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló ní ẹ àti ọ nínú tí kò ní ṣ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o nínú èdè wọn, wọn kì í sì í fi sábẹ́ s. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ro tiwọn, ó ṣe é dé ibẹ̀, ó dúró. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní fọ́ǹtì kan “ń kọ Yorùbá” torí pé ó rí ẹ àti ọ níbẹ̀, ẹ ní kí ó tẹ ṣ.

Ìṣòro kejì nínú ìlà yìí ni àmì ohùn. Lẹ́tà à tàbí é jẹ́ odidi kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní odidi tirẹ̀. Ẹ ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe dáadáa ti mọ ibi tí àmì yẹn máa dúró. Èyí tí wọn kò ṣe dáadáa á gbé e sọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó kan lẹ́tà náà mọ́ra. Ẹ wo Ọ̀ṢUN àti ẸGBẸ́ dáadáa, torí lórí lẹ́tà ńlá ni ìkọlù yìí ti ń hàn jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé fọ́ǹtì ti yá lẹ́tà lọ́wọ́ òmíràn? Ẹ fi kọ́sọ̀ mú ẹ nìkan, kí ẹ wo orúkọ tó wà nínú àpótí fọ́ǹtì lókè. Tí ẹ bá yan Garamond, tí àpótí náà ń sọ orúkọ mìíràn fún ẹ nìkan, àṣírí ti tú. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, bí Garamond ṣe ń ṣe nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbára lé àpótí náà tán, nítorí nígbà míì Word á yá lẹ́tà náà láì sọ fún yín. Ojú ni adájọ́: ṣé ẹ yẹn ki ju e tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé ó ga jù ú lọ díẹ̀?

Ìlà kejì wà fún àdírẹ́sì àti nọ́ḿbà. Nínú Arial, I ńlá àti l kékeré kò yàtọ̀ síra rárá; igi kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán ni àwọn méjèèjì. Tí ìwé bá wá sọ pé ayálégbé gba yàrá ní “Block I”, ta ló mọ̀ bóyá nọ́ḿbà kìíní ni, tàbí lẹ́tà tó tẹ̀ lé H? Nínú fọ́ǹtì ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn àwọn tí lẹ́tà wọn ní ẹsẹ̀ kéékèèké lókè àti nísàlẹ̀ bíi ti Times New Roman, I ní ẹsẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, l sì ní orí tó tẹ̀ díẹ̀. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń lo ẹlẹ́sẹ̀ fún ìwé àdéhùn nìyí. Nọ́ḿbà àkáǹtì báńkì wa jẹ́ 10, nọ́ḿbà ìwé ìwọnlẹ̀ sì sábà máa ń da lẹ́tà pọ̀ mọ́ nọ́ḿbà. Èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa méfò níbẹ̀.

Ìlà kẹta ni owó. Àkọ́kọ́, ṣé ₦ wà nínú fọ́ǹtì náà? Tí kò bá sí, ẹ kò ní rí àmì náà bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rí ìdí tí àwọn àgbà atẹ̀wé fi máa ń kọ =N=. Ní ti àwọn tó ń fi # dípò náírà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún WhatsApp. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bóyá àwọn nọ́ḿbà dúró lórí ìlà kan náà. Nínú Georgia, 3, 4, 5, 7 àti 9 máa ń sọ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà, 0, 1 àti 2 sì kúrú bíi lẹ́tà kékeré. Constantia náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún wò nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n nínú tábìlì owó, òdo tó kúrú bẹ́ẹ̀ jọ lẹ́tà o, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó ń san owó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó kù lẹ́yìn ìdánwò

Nínú àwọn tó wà nínú Word fúnra rẹ̀, Times New Roman ni mo kọ́kọ́ ń mú. Tí Windows yín kò bá ti pẹ́ jù, á gbé ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wọn láì sọ ọ̀kan nù. Kò sì sí lọ́yà tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìwà tí a sì ń fẹ́ lára fọ́ǹtì ìwé àdéhùn nìyẹn: kí ẹni tó ń kà á má rí i rárá, ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ó rí.

Àbùkù rẹ̀ wá láti ìdílé. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ṣe é fún, lábẹ́ ìdarí Stanley Morison, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1932. Ìwé ìròyìn ní òpó tó tín-ín-rín, nítorí náà wọ́n fún lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọlé. Tí ẹ bá wá tẹ́ lẹ́tà tó fún báyẹn sórí ìwé A4 láti etí dé etí, ìlà kan á gba nǹkan bíi 90 lẹ́tà, ojú òǹkàwé á sì sọ ibi tí ìlà tó kàn ti bẹ̀rẹ̀ nù. Kódà ọ̀kan nínú àwọn kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Amẹ́ríkà, èyí tó jókòó sí Ṣikágò, gba àwọn lọ́yà nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé fi Times New Roman kọ ìwé ẹjọ́, torí ìdí yìí gan-an. Kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò dá a lé ìmọ̀ràn: òfin rẹ̀ ní kí wọ́n fi ìdílé Century tẹ ìwé ẹjọ́, ní 12 póìǹtì. Century fẹ̀, ó sì rọ ojú lọ́rùn. Èmi ì bá máa lò ó tí kì í bá ṣe ti ṣ.

Èyí tí mo ń lò jù lọ báyìí ni Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni, àjọ SIL ló ń ṣe é, àwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè tí kọ̀ǹpútà kò kà sí. Orí Charter ni wọ́n gbé e kà, fọ́ǹtì tí Matthew Carter ṣe ní 1987 kí ó lè hàn kedere lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò lágbára. Ẹ ronú sí ìyẹn wò: ẹ̀rọ fọ́tòkópì ẹ̀gbẹ́ kóòtù, tí yíǹkì rẹ̀ ti ń tán lọ, ni ìwé wa sábà máa ń gbà kọjá. Ìlà ara Charis ki tó láti la ibẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ nípọn, àmì abẹ́ ṣ rẹ̀ kò sì fara sin. Ó sì ní dúdú, ìyẹn lẹ́tà kíki tí Word ń pè ní Bold, àti èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn náà ń gbé àmì ohùn dáadáa. Doulos SIL, ọmọ ìyá rẹ̀ tó jọ Times, kò ní dúdú. Ìwé àdéhùn kò sì lè ṣe láìsí dúdú, torí Word á kàn fi agbára sọ lẹ́tà náà di kíki, á sì rí wúruwùru.

Tí ẹnìkan bá fún yín ní fọ́ǹtì àtijọ́ kan tó ní kí ẹ tẹ [ kí ó lè di ọ, ẹ má gbà á. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, [ ni ẹ ó rí padà, àárín orúkọ èèyàn ni yóò sì wà.

Fún lẹ́tà, mo lè lo aláìlẹ́sẹ̀ bíi Noto Sans, pàápàá tó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti máa kà á. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ “èyí ló ṣe déédéé, èyí kò ṣe déédéé” jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà ju ọ̀rọ̀ ojú lọ. Ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà lo Courier New títí di 2004, wọ́n wá gba Times New Roman, wọ́n tún kó lọ sí Calibri ní 2023 nítorí àwọn tí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, wọ́n sì padà sí Times New Roman ní Oṣù Kejìlá 2025. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ ní gbogbo àkókò yẹn. Tí ibi tí ẹ ń kọ̀wé sí bá ní fọ́ǹtì tirẹ̀, tàbí tí òfin kóòtù bá dárúkọ ọ̀kan, ẹ lo tiwọn, kí ẹ fi àyànfẹ́ yín sápò.

Algerian, Monotype Corsiva àti Old English ni mo máa ń rí jù lórí ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún mi pé kí n “bá wọn tún un ṣe”. Algerian yẹ orí pátákó ilé ọtí. Corsiva yẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Nínú ìwé àdéhùn, wọ́n ń sọ nǹkan kan fún òǹkàwé kó tó ka ọ̀rọ̀ kankan, ohun tí wọ́n ń sọ sì ni pé ayẹyẹ la wá ṣe.

Ìwọ̀n, ìlà àti ààyè

Ní Times New Roman, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 12. Charis fẹ̀ lójú ju Times lọ, nítorí náà 11 rẹ̀ ti tó. Ẹ fi ààyè sẹ́ntímítà 3 sílẹ̀ ní etí méjèèjì. Tí ìwé náà máa wọ fáìlì, kí ti apá òsì jẹ́ 3.5, kí ihò má baà gbá lẹ́tà jẹ. Èyí máa dín ìlà kù dé nǹkan bíi 75 sí 80 lẹ́tà, ó sì máa rọ ojú lọ́rùn.

Fún ààyè tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì, ibi kan wà tó ń pa orúkọ Yorùbá lára. Nínú àpótí Paragraph, lábẹ́ Line spacing, ẹ má yan Exactly. Ó ń gé ìlà sí gíga kan pàtó, ohun tó bá yọ lókè, ó sọ ọ́ nù. Ohun tó sì máa ń yọ lókè ni àmì ohùn orí lẹ́tà ńlá. Ẹ ó rí Ọ̀ tó di Ọ lásán, ẹ ó sì rò pé ẹ gbàgbé láti fi àmì sí i. Ẹ yan Multiple, kí ẹ kọ 1.2 síbẹ̀.

Mi ò kì í na ọ̀rọ̀ dé etí ọ̀tún kí ó gún régé bíi ògiri. Orúkọ wa gùn, Word kò sì mọ ibi tí ó ti lè gé ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà á kàn máa fi àlàfo ńláńlá sáàárín ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí apá ọ̀tún máa lọ bó ṣe ń lọ.

Ẹ má fa ìlà sábẹ́ orúkọ

Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù láàárín àwa atẹ̀wé, èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní táípúráítà, kò sí dúdú, nítorí náà ìlà ni wọ́n ń fà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì. Àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa bẹ́ẹ̀, a sì gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlà náà ń gbà kọjá gan-an ni àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ wà. Ẹ kọ Ọ̀ṣọ́, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ṣe fọ́tòkópì rẹ̀: Òsó ni ẹni tó bá gba ẹ̀dà náà máa kà. Orúkọ tí ẹ fẹ́ gbé ga ni ẹ sọ di nǹkan mìíràn.

Dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lò ó ní ìwọ̀nba: orúkọ àwọn tó ń ṣe àdéhùn nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fara hàn, àkòrí abala kọ̀ọ̀kan, ó parí. Tí ìdajì ojú-ìwé bá dúdú, kò sí èyí tó dúdú mọ́.

Lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀ ńkọ́? Fún orúkọ, kò burú, torí ó kúrú. Fún odidi ìpínrọ̀, ó ń mú kí kíkà le, nítorí kíka lẹ́tà ńlá lọ títí kò mọ́ ojú lára. Àwọn kan gbà pé òfin fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kí abala tó le lè hàn. Adájọ́ Alex Kozinski ti kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dáhùn èyí ní 2002: lójú rẹ̀, ẹ̀tàn ni lọ́yà tó bá rò pé títẹ lẹ́tà ńlá ti tó láti sọ ọ̀rọ̀ di ohun tó hàn fi ń tan ara rẹ̀. Tí abala kan bá le, tí ẹ fẹ́ kí ayálégbé rí i dájú, ẹ fún un ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, àkòrí dúdú, ààyè lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi ti àwọn tó kù. Kò sí ohun tó ń mú kí adájọ́ fura sí onílé bí i kí abala owó ìtanràn wà ní 8 póìǹtì nísàlẹ̀ ojú-ìwé.

Ìwé kan tí mo tún tẹ̀

Láìpẹ́ yìí, onílé kan fi àdéhùn ilé oníyàrá méjì ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní kí n “fọ̀ ọ́ mọ́”. Ojú-ìwé 4 ni. Algerian ló fi kọ àkòrí, Garamond 10.5 ni ara rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ, ìlà sì gún dé etí méjèèjì. Owó ilé ọdún kan wà níbẹ̀ báyìí: #85O,000. Ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́yìn 5, O lẹ́tà ni ó tẹ̀. Ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, bóyá ni ojú fi máa rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo mú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+A, mo sì pa gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà lára rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú Clear All Formatting. Mo fi Charis SIL 11 sí i. Lójijì ni O inú owó náà hàn, torí ó fẹ̀ ju àwọn òdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo tún un ṣe sí ₦850,000.00, mo sì kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó ṣe yẹ nínú ìwé owó. Àkòrí di dúdú 13 nínú fọ́ǹtì kan náà. Kò sídìí fún fọ́ǹtì kejì. Ìlà abẹ́ orúkọ ti bá ẹ̀ṣọ́ yòókù lọ, mo fi dúdú rọ́pò. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé onílé kọ orúkọ ayálégbé pẹ̀lú ṣ lójú-ìwé kìíní, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú s lójú-ìwé kẹrin. Ìlà ló ti bo ìyàtọ̀ náà. Mo pe ayálégbé. Ó ní ṣ ni, ṣùgbọ́n kò sí àmì lórí ìwé NIN òun. A wá kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì, a sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe wà lórí NIN, kí báńkì má baà yọ òun lẹ́nu.

Ojú-ìwé 4 di 5. Onílé ní kí n fún un pọ̀ padà, pé bébà ti wọ́n. Mo kọ̀, àmọ́ nǹkan kan wà tí mo ní láti tún ṣe: ààyè ìbuwọ́lùwé nìkan ló bọ́ sí ojú-ìwé 5. Ìyẹn kò dára rárá. Ojú-ìwé tí kò ní nǹkan kan ju ìbuwọ́lùwé lọ, ẹnikẹ́ni lè yọ ọ́ kí ó fi kún ìwé mìíràn. Mo mú ìpínrọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, mo lọ sí Paragraph, Line and Page Breaks, mo sàmì sí Keep with next, wọ́n sì tẹ̀ lé ìbuwọ́lùwé lọ sí ojú-ìwé 5. Mo wá kọ “Ojú-ìwé 1 nínú 5” sísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ dè é kó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Fáìlì Word kò ní fọ́ǹtì nínú. Orúkọ fọ́ǹtì nìkan ló gbé. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà á ló máa lọ wá fọ́ǹtì náà nínú ilé tirẹ̀. Tí kò bá rí i, á mú èyí tó wà nítòsí, ìlà á yí, ojú-ìwé á yí, “abala 7 lójú-ìwé 3” á sì bọ́ sí ojú-ìwé 4. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí lọ́yà kejì bá ṣì fẹ́ tún Word náà ṣe, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ sàmì sí “Embed fonts in the file”. Ẹ má sì fi àmì sí èyí tó ní kí ó gbé kìkì lẹ́tà tí ẹ lò, torí ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un kò ní rí lẹ́tà tuntun lò.

Èyí tí wọ́n máa buwọ́ lù gbọ́dọ̀ jẹ́ PDF. Ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, kí ẹ lọ sí Properties, kí ẹ tẹ Fonts. Gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní “Embedded” tàbí “Embedded Subset” lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibí yìí náà ni irọ́ àpótí Word ti ń tú: tó bá jẹ́ Charis nìkan lẹ lò, tí ẹ wá rí fọ́ǹtì mìíràn tí ẹ kò mọ̀ rí níbẹ̀, lẹ́tà kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n yá. Ẹni tó bá ní Linux lè béèrè báyìí:

```
pdffonts adehun-ile.pdf
```

Lábẹ́ `emb`, `yes` ni kó wà níwájú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú-ìwé kìíní jáde, kí ẹ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀, kí ẹ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀dà yẹn, kí ẹ sì tún ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bí ìwé ṣe ń rìn láàárín ọ́fíìsì, ẹ̀dà kẹta yẹn ló ń dé iwájú ẹni tó máa ṣèpinnu. Tí ẹ bá ṣì rí àmì abẹ́ ṣ nínú orúkọ, tí 8 kò tíì di B, ó ti yege.

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀

Ohun tí mo ti sọ náà ló wà níbẹ̀, ó kàn kúrú ni. Fọ́ǹtì kan, 12 tàbí 11, ààyè ìlà 1.15. Àkọlé lẹ́tà nìkan ni kí ó dúdú. Tí orí ìwé ilé-iṣẹ́ yín bá ti ní fọ́ǹtì ọ̀ṣọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ara lẹ́tà fara wé e. Ẹ fi Times tàbí Charis sábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀ṣọ́ dúró sókè, kí ọ̀rọ̀ dúró nísàlẹ̀. Mo tún máa ń yẹra fún lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún odidi ìpínrọ̀, torí níbẹ̀ ni àmì ohùn ti máa ń fara kan lẹ́tà tó kàn.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ tún ìwé àtijọ́ tẹ̀

Àwọn kan máa ń wá pé àdéhùn àwọn ti sọnù, kí n tún un tẹ̀ “bó ṣe wà”, pẹ̀lú ọjọ́ àtijọ́ lórí rẹ̀. Fọ́ǹtì ní ọjọ́ orí o. Ní Pakistan ní 2017, ìgbìmọ̀ tí kóòtù tó ga jù gbé kalẹ̀ láti yẹ ohun ìní ìdílé olórí ìjọba Nawaz Sharif wò rí ìwé kan tí ọmọbìnrin rẹ̀, Maryam Nawaz, fi sílẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ Oṣù Kejì 2006. Calibri ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Calibri kò sì jáde fún gbogbo ayé títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2007, nígbà tí Microsoft gbé Office tuntun jáde. Ọ̀rọ̀ náà di ìròyìn káàkiri ayé.

Nítorí náà, tí wọ́n bá wá bá mi, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ní fọ́ǹtì tí mo ń lò lónìí, mo máa ń kọ ọjọ́ òní sí i, mo sì máa ń kọ sókè pé ẹ̀dà tí a tún tẹ̀ dípò èyí tó sọnù ni. Àwọn méjèèjì á wá tún un buwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí. Tí onítọ̀hún bá kọ̀, tó ní ọjọ́ àtijọ́ dandan ni òun fẹ́, mo máa ń dá fáìlì rẹ̀ padà fún un, màá sì ní kí ó lọ rí lọ́yà rẹ̀.